Oògùn Iṣan àti Tìràmádọ́ọ̀lù: Bí Èémí Ṣe Ń Rẹlẹ̀ Lójú Oorun

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti Tákìé títí dé Ọjà Jagun, kò sí ọjọ́ tí ẹni tó ń ta oògùn kì í gbọ́ ọ: "Ẹ bá mi wá oògùn iṣan." Ẹni tó ń béèrè lè jẹ́ bàbá tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó lóru. Ó lè jẹ́ ọlọ́kadà tí ẹ̀yìn ń ro, ó sì lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ara kò rọ̀ ọ́ wọ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń nà sí wọn ni káàdì pìrẹ̀gàbálíìnì tàbí gàbàpẹ́ńtíìnì, nígbà mìíràn èyí tí wọ́n ti po fítámì B12 mọ́. Nítorí fítámì yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé oògùn agbára lásán ni. Àwa tí iṣẹ́ wa wà nídìí oògùn mọ̀ pé káàdì yìí nìkan kọ́ ló yẹ kó bani lẹ́rù jù. Káàdì kejì tó máa ń wà nínú ọ̀rá kan náà ló yẹ ká wò dáadáa: tìràmádọ́ọ̀lù, kódíìnì, tàbí oògùn ìrora mìíràn láti ìdílé ópíọ́ìdì.

Oògùn gidi ni pìrẹ̀gàbálíìnì àti gàbàpẹ́ńtíìnì. Gàbàpẹ́ńtíìnì ló kọ́kọ́ dé, ní ọdún 1993, fún wárápá. Pìrẹ̀gàbálíìnì tẹ̀ lé e ní ọdún 2004. Ibi tí àwọn méjèèjì ti wúlò jù báyìí ni ìrora tó wá látara iṣan ìmọ̀lára tó bàjẹ́, irú èyí tí àtọ̀gbẹ ń fà sí ẹsẹ̀, tàbí èyí tó máa ń kù lẹ́yìn tí ṣíńgúùsì, àrùn tó máa ń sú sí ẹ̀gbẹ́ kan ara, bá lọ. Iṣẹ́ wọn rọrùn láti ṣàlàyé. Kí iṣan tó lè rán ìrora lọ sí ọpọlọ, kálísíọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kékeré kan wọ orí iṣan náà. Àwọn oògùn yìí lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà yẹn, kálísíọ́ọ̀mù tó ń wọlé á dínkù, ohun tó ń gbé ìrora á sì dínkù pẹ̀lú rẹ̀. Bí iṣan tó ń pariwo jù ṣe ń rọlẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ iṣan ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló ní irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ náà ní in, ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń kun ẹni tó lò ó, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ara rẹ̀ sì ń balẹ̀.

Ìbàlẹ̀ ara yìí ni àwọn kan ń wá kiri. Ẹni tí àníyàn ń dà láàmú, tí kò rí oorun sùn, lè lo pìrẹ̀gàbálíìnì fún ìrora, kó sì ṣàkíyèsí pé ọkàn òun fúyẹ́. Bí ìrora bá lọ tán, kò ní í fẹ́ fi oògùn náà sílẹ̀. Ẹlòmíràn kò ní ìrora kankan. Ọ̀rẹ́ ló sọ fún un pé ó ń mú orí yá. Ẹnì kẹta, tó sì jẹ́ pé òun ló wà nínú ewu jù, ti ń lo tìràmádọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀. Iye tó ń lò kò tó o mọ́, tàbí kò rí i rà mọ́, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, inú ń run ún, òógùn ń bò ó. Pìrẹ̀gàbálíìnì máa ń dín ìyà yẹn kù fún un, ó sì máa ń mú kí ìwọ̀nba tìràmádọ́ọ̀lù tó rí ràn án ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òótọ́ ni ohun tó rí yìí, kì í ṣe àròsọ. Òótọ́ yẹn gan-an ló ń tì í dé ibi tí kò mọ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí àṣìlò rẹ̀ fi rọrùn. Láti ọdún 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ kódíìnì àti kíkó o wọ̀lú, tí ojú òfin sì ti wà lára tìràmádọ́ọ̀lù, àwọn tó ń tà á mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń tà ní wàhálà. Oògùn iṣan kò ní orúkọ burúkú bẹ́ẹ̀ lójú aráàlú. Àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n sábà máa ń ṣe fún oògùn líle pàápàá kì í wá a. Nípa bẹ́ẹ̀, òbí lè rí i nínú báàgì ọmọ kó má fura, nọ́ọ̀sì náà sì lè gba aláìsàn wọlé láìmọ̀ pé ó wà lára rẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ kò dọ́gba, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì. Gàbàpẹ́ńtíìnì ní agbérù kan pàtó tó ń gbé e kọjá lára ìfun, agbérù yẹn kò sì lè gbé ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá lo mílígíráàmù 900 lójúmọ́ ní ìgbà mẹ́ta, nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń wọ ẹ̀jẹ̀. Bó bá gbé e dé 3,600, ìdá 33 péré ló ń wọlé. Pìrẹ̀gàbálíìnì kò ní irú ìdènà yìí. Ó lé ní ìdá 90 tó ń wọlé, yálà iye náà kéré tàbí ó pọ̀, ó sì máa ń dé góńgó nínú ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí kan ààbọ̀ bí inú bá ṣófo. Ohun tó ń yára dé, tí kò sì ní òṣùwọ̀n tó ń dá a dúró, lọkàn máa ń fà sí jù. Ìdí nìyí tí àṣìlò pìrẹ̀gàbálíìnì fi le ju ti èkejì lọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọkàn balẹ̀ lórí gàbàpẹ́ńtíìnì nítorí ìdènà tó wà nínú ìfun yẹn. Mọ́fíìnì àti àwọn ópíọ́ìdì yòókù máa ń mú kí ìfun rìn jẹ́jẹ́. Òun ló fà á tí àwọn tó ń lò wọ́n kì í fi lè yàgbẹ́ bó ṣe yẹ. Bí ìfun bá ń rìn jẹ́jẹ́, gàbàpẹ́ńtíìnì á pẹ́ lọ́dọ̀ agbérù rẹ̀, púpọ̀ sí i á sì kọjá. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn tí ara wọn le, tí wọ́n fún wọn ní mọ́fíìnì mílígíráàmù 60 kí wọ́n tó lo gàbàpẹ́ńtíìnì mílígíráàmù 600 lẹ́yìn wákàtí méjì, gàbàpẹ́ńtíìnì tó wọ ẹ̀jẹ̀ wọn fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún lé ní ti ẹni tó lò ó lásán. Iye kan náà ni wọ́n gbé mì, àmọ́ ohun tó wọ ara wọn yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé. A ó fi bàbá àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò mú un látara ẹnì kan pàtó. Ẹni ọdún 64 ni, ó wọn kìlógíráàmù 60, àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó, wọ́n sì ń ta pìrẹ̀gàbálíìnì fún un, mílígíráàmù 150 láàárọ̀ àti 150 lálẹ́. Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ le, iye yìí kò burú. Àmọ́ kò sẹ́ni tó wo ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, níbi tí kírẹ́átíníìnì rẹ̀, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń kó jáde, ti jẹ́ mílígíráàmù 1.7 nínú dẹ́sílítà kan.

Kíndìnrín nìkan ló ń kó pìrẹ̀gàbálíìnì àti gàbàpẹ́ńtíìnì jáde; ẹ̀dọ̀ kì í fọ́ wọn. Nítorí náà, ó yẹ ká ṣírò agbára kíndìnrín bàbá yìí ká tó yan iye oògùn fún un. Ẹ yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 140, kó ku 76. Ẹ fi 60 tó jẹ́ ìwọ̀n ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 4,560. Ẹ wá sọ kírẹ́átíníìnì 1.7 di ìlọ́po 72, ìyẹn 122.4, kí ẹ sì fi pín 4,560. Ohun tí ẹ ó rí jẹ́ nǹkan bí 37 mílílítà ní ìṣẹ́jú kan. (Bó bá jẹ́ obìnrin ni, ẹ ó tún fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀.) Bí iye yìí bá wà láàárín 30 sí 60, ìdajì pìrẹ̀gàbálíìnì ló yẹ kéèyàn lò. Mílígíráàmù 150 lójúmọ́ ló tọ́ sí bàbá yìí, 300 ló sì ń lò. Lára rẹ̀, 300 yẹn ń ṣe bí 600 ṣe máa ń ṣe lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ pé, 600 sì ni òpin iye tí wọ́n fàyè gbà lójúmọ́. Bàbá kò ṣi oògùn lò. Bí wọ́n ṣe ní kó lò ó ló ń lò ó.

Ní ọjọ́ kan, ó ṣiṣẹ́ lóko títí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gan. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, ó jẹ àmàlà, ó sì lo pìrẹ̀gàbálíìnì rẹ̀. Oúnjẹ máa ń fa oògùn yìí sẹ́yìn: kàkà kó dé góńgó ní wákàtí kan ààbọ̀, ó lè tó wákàtí mẹ́ta, ìyẹn aago mọ́kànlá. Ní aago mẹ́sàn-án, ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún, ó lo tìràmádọ́ọ̀lù mílígíráàmù 100. Èyí á dé góńgó tirẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, àmọ́ ẹ̀dọ̀ ń sọ apá kan rẹ̀ di ohun mìíràn tó lágbára ju tìràmádọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ lọ, èyí sì ń dé góńgó ní ọ̀gànjọ́. Ní aago mẹ́wàá, bàbá rò pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Ó tún lo 100 mìíràn, ó fi àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí pò lé e, ó sì lọ sùn.

Kò sí èyí tó pọ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni á fi pariwo nínú ohun tó gbé mì. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló pàdé láàárín aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago kan òru, nígbà tó ti sùn lọ. Ti òwúrọ̀ náà kò tíì jáde tán, nítorí pé kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó ń mú wa mí láìronú nípa rẹ̀ ni ibì kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá pọ̀, á ní ká mí sí i. Tìràmádọ́ọ̀lù, kódíìnì àti mọ́fíìnì máa ń mú kí aṣọ́nà yìí gọ̀. Oorun pàápàá máa ń dín iṣẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀. Pìrẹ̀gàbálíìnì ń fi tirẹ̀ kún un, ó sì ń mú kí oorun wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kò fi ní í ta jí nígbà tí èémí bá há. Ọtí náà wá dé sórí rẹ̀. Bàbá yìí á máa mí díẹ̀díẹ̀ sí i, kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì á máa gbára jọ, òun fúnra rẹ̀ á sì tún mú kí oorun náà jinlẹ̀ sí i. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ láìsí ariwo nìyẹn. Ohun tí àwọn ará ilé ń gbọ́ ni híhanrun ńlá, wọ́n á sì ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n ń sùn dáadáa."

Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ tìràmádọ́ọ̀lù máa ń rò pé irú èyí kò lè ṣe òun. Ó rí i pé iye tó lè da ẹlòmíràn nù kì í ṣe òun ní nǹkan kan. Òótọ́ ni pé ara ń kọ́ bí yóò ṣe fara da ópíọ́ìdì, ó sì ń kọ́ ọ títí dé ibi èémí. Pìrẹ̀gàbálíìnì ló lè gba ìfaradà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Bírísítọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi mọ́fíìnì bá àwọn eku lò títí tí mọ́fíìnì kò fi dín èémí wọn kù púpọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n fi ìwọ̀nba pìrẹ̀gàbálíìnì kún un, ìfaradà náà yí padà, èémí àwọn eku náà sì tún rẹlẹ̀. Eku ni o, kì í ṣe èèyàn, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí wọ́n ń rí lára èèyàn mu. Ní Ọ̀ntáríò, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé láàárín àwọn tí wọ́n ń fún ní ópíọ́ìdì, ewu ikú látọwọ́ ópíọ́ìdì fún àwọn tó ń lo gàbàpẹ́ńtíìnì mọ́ ọn fi nǹkan bí ìdajì ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Ní ọdún 2019, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oògùn méjèèjì sábẹ́ òfin oògùn tí wọ́n ń ṣọ́. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa èémí, pàápàá fún àgbàlagbà, ẹni tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, àti ẹni tó ń lo ópíọ́ìdì mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń lo iye tìràmádọ́ọ̀lù tó ti ń lò láti oṣù mẹ́fà, tó wá fi oògùn iṣan kún un ní alẹ́ yìí, kò lo iye ti àná mọ́.

Bí ẹ bá bá ẹnì kan tó sùn lọ́nà tó ń fu yín lára, ẹ pè é lórúkọ, ẹ gbọn èjìká rẹ̀, kí ẹ sì fi egungun ìka yín fi agbára ha àárín àyà rẹ̀. Ẹni tó kàn sùn lásán yóò jí, á tilẹ̀ bínú. Bí kò bá dáhùn, ẹ wo àyà rẹ̀, kí ẹ ka bó ṣe ń mí fún ìṣẹ́jú kan gbáko, torí pé èémí ẹni tí oògùn mú kì í lọ déédéé. Àgbàlagbà tó wà ní àlàáfíà ń mí ní ìgbà 12 sí 20. Bó bá wálẹ̀ sí 8 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, ewu ti dé. Ẹ má ṣe wo àwọ̀ ojú nìkan, nítorí pé lára àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ̀yìn ètè, èrìgì àti abẹ́ èékánná ni ìyípadà ti ń hàn. Bí ọmọlójú bá kéré bí orí abẹ́rẹ́, ópíọ́ìdì wà níbẹ̀. Bí kò bá kéré, ìyẹn kò sọ pé kò sí i.

Ohun tó wọ́pọ̀ ní ilé wa ni kí wọ́n sáré gbé epo pupa tàbí mílíìkì wá, kí wọ́n sì là á sẹ́nu. Jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò dáhùn kò lè gbé nǹkan mì bó ṣe yẹ. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo yẹn ń lọ, èyí tó sì kù fún un láti mí ni ẹ ó dí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe da omi tútù lé e lórí, kí ẹ sì máa retí. Bó bá ṣì ń mí dáadáa, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ díẹ̀, kí èébì lè jáde. Bí èémí bá rẹlẹ̀ jù, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ fún imú rẹ̀ pa, kí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́fà, kí àyà rẹ̀ máa gbéra sókè. Bí kò bá mí rárá, tí kò sì mira, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àárín àyà rẹ̀, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Kí ẹlòmíràn ti máa wá ọkọ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Bowen àti ti LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ kó gbogbo káàdì oògùn tí ẹ bá rí dání, àti èyí tó ti ṣófo.

Ní ilé ìwòsàn, nàlọ́ksóònù ni oògùn tó ń lé ópíọ́ìdì kúrò níbi tó gbé lẹ̀ mọ́ ọpọlọ. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ní ààlà mẹ́ta tó yẹ kí ẹbí mọ̀. Kò kan pìrẹ̀gàbálíìnì rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí oògùn kankan tó ń pa á. Apá kan nínú ohun tí tìràmádọ́ọ̀lù ń ṣe nìkan ló sì ń dá dúró. Agbára rẹ̀ kì í sì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú 30 sí 90, nígbà tí tìràmádọ́ọ̀lù ṣì wà lára fún wákàtí púpọ̀. Ẹni tó jí, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń bínú pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ sílé, lè tún dákẹ́ lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹ má ṣe gbé e lọ. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tó ń ka ọ́ksíjìn lórí ìka nìkan ṣe ẹ̀rí: bí ọ́ksíjìn bá ti wà ní imú rẹ̀, ẹ̀rọ lè máa kà 98 nígbà tí kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ń pọ̀ sí i. Kíka èémí ló ń sọ òótọ́. Bí kíndìnrín kò bá dára, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lè yọ nǹkan bí ìdajì pìrẹ̀gàbálíìnì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin.

Lójú tiwa, ẹnu káńtà ni a ti lè dá púpọ̀ nínú èyí dúró. Ìbéèrè tó yẹ kí olóògùn bi bàbá yẹn kò gùn: "Bàbá, kí ni ẹ tún ń lò fún ìrora? Ṣé wọ́n ti yẹ kíndìnrín yín wò lọ́dún yìí? Ṣé ẹ máa ń mu ọtí tàbí àgbo olọ́tí?" Bí ìdáhùn kan bá fi ewu hàn, kí ó má ta káàdì méjèèjì pọ̀, kí ó kọ ìwé lé e lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí dókítà bá rí i pé aláìsàn nílò méjèèjì lóòótọ́, ìwọ̀n tó kéré jù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, irú pìrẹ̀gàbálíìnì mílígíráàmù 25 lálẹ́ fún àgbàlagbà, wọn a sì dín ópíọ́ìdì kù bí ìrora bá ṣe ń rọlẹ̀. Ẹnì kan nínú ilé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ń lo méjèèjì.

Ẹni tó ti ń lò ó fún oṣù púpọ̀, tó bá ka èyí tí àyà rẹ̀ já, kò gbọ́dọ̀ da káàdì náà nù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá já pìrẹ̀gàbálíìnì dúró lójijì, òógùn, àìlèsùn, ìpayà, àti gìrì nígbà mìíràn, lè tẹ̀ lé e, ìyẹn sì máa ń dá èèyàn padà sídìí tìràmádọ́ọ̀lù kíákíá. Dídínkù díẹ̀díẹ̀ ni, pẹ̀lú dókítà: kí pìrẹ̀gàbálíìnì má ṣe dínkù ju mílígíráàmù 50 sí 100 lọ lọ́sẹ̀ kan, kí gàbàpẹ́ńtíìnì má sì dínkù ju 300 lọ ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Bí ara bá kọ̀ ọ́ ní ìgbésẹ̀ kan, wọ́n á dúró sójú iye yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí wọ́n tó tún dín in. Bó bá jẹ́ pé oògùn méjèèjì ló fẹ́ fi sílẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ni, dókítà ló sì máa yan èyí tó máa ṣáájú. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹni tó bá ti dín tìràmádọ́ọ̀lù kù kò gbọ́dọ̀ padà sí iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, kódà fún alẹ́ kan ṣoṣo, nítorí pé ìfaradà ara rẹ̀ ti dínkù bí oògùn náà ṣe ń dínkù.